Ọkàn Tó Ju Ìdajì Àyà Lọ: Kí La Wọ̀n Gan-an?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ti abúlé wá, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn bá wọn wá nítorí pé ẹ ní fíìmù nínú àpòòwé. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí àwọn àpòòwé yẹn. A ó yẹ ọ̀kan wò kí a tó túká, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti télọ̀ kan fún yín.

Ẹni ọdún 46 ni. Ibà àti ikọ́ ló gbé e dé ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì dá a dúró. Lóru ọjọ́ kejì, èémí rẹ̀ ń já, wọ́n bá ti ẹ̀rọ ẹ́kísíréè alágbèéká wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ya àyà rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ara rẹ̀ yá, wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọ́n kó ìwé àbájáde lé e lọ́wọ́. Ìlà kan wà nínú ìwé náà tí kò jẹ́ kó sùn: ọkàn tóbi, ìdá rẹ̀ 0.53. Nígbà tó délé, kò fẹsẹ̀ wa maṣín mọ́. Ìyàwó rẹ̀ yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀. Aládùúgbò kan bù fún un nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀, ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, òòyì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bó bá ti dìde. Òòyì yẹn ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi.

Mo ní kó dúró, mo ya òmíràn. 0.44 ni mo rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín fíìmù méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì tọ́jú ọkàn rẹ̀ láàárín ìgbà náà, àfi tí ẹ bá fẹ́ ka oògùn aládùúgbò. Ọkàn tó tóbi ní tòótọ́ kì í ṣe bàlúùnù tí afẹ́fẹ́ ń jò lára rẹ̀. Ọkàn kan náà ni, àyà kan náà, rúlà kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ya á. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: ìdá yìí kì í ṣe ti ọkàn nìkan, ó jẹ́ ti ọkàn àti ti ọ̀nà tí a gbà ya á. Ẹni tí kò bá mọ èkejì kò lè sọ ohunkóhun nípa èkíní.

Ìdá ọkàn nínú àyà ni mo ń pè é lédè wa. CTR ni ẹ ó rí nínú ìwé àbájáde. Dókítà kan tó ń jẹ́ Danzer ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1919, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí Röntgen kọ́kọ́ rí ìtànṣán náà ní Würzburg, nílẹ̀ Jámánì. Òye tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn. Ọkàn ẹni tó sígbọnlẹ̀ kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó tín-ín-rín, nítorí náà, má kàn wọn ọkàn, wọ̀n ọ́n mọ́ igbá àyà tó gbé e. Bí ọkàn kò bá gba ju ìdajì fífẹ̀ àyà lọ, kò tóbi. Ibẹ̀ ni 0.50 ti wá.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ gbé fíìmù sójú iná, tàbí kí ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ òsì yín ni apá ọ̀tún aláìsàn wà, bí ìgbà tó bá dúró kojú sí yín. Ẹ fa ìlà kan wálẹ̀ tààrà gba àárín ọ̀pá ẹ̀yìn. Láti orí ìlà náà, ẹ wọn ibi tí òjìji ọkàn ti yọ jù lápá ọ̀tún. Ẹ padà sórí ìlà, ẹ wọn ibi tó ti yọ jù lápá òsì. Ibi méjèèjì kì í sábà wà ní ọ̀gbọọgba. Ti òsì máa ń wà nísàlẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ká tó rò wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí igbá àyà ti fẹ̀ jù, tó sábà máa ń wà nítòsí ibi tí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún parí sí nísàlẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti etí inú egungun ìhà kan dé etí inú ìkejì. Ẹ pín ti ọkàn pẹ̀lú ti àyà:

```
CTR = (R + L) / T
(4.1 + 9.2) / 30.1 = 0.44    fíìmù kejì
(5.2 + 10.6) / 29.8 = 0.53   fíìmù kìíní
```

R ni apá ọ̀tún, L ni apá òsì, T ni fífẹ̀ àyà. Sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo rẹ̀, ti télọ̀ wa sì ni.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti sọ pé etí inú. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé rúlà dé etí òde egungun ìhà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gbé e dé awọ ara. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fíìmù kìíní yẹn, àyà á fi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ tóbi sí i, 0.53 á sì di 0.50 lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe kejì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ọ̀rá máa ń kó jọ sí lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkàn. Òjìji ọ̀rá máa ń fúyẹ́ ju ti ọkàn lọ, etí rẹ̀ kì í sì í gún régé. Ẹ má kà á mọ́ ọkàn.

Ọ̀kan nínú yín bi mí kí n tó gorí pèpéle pé ṣé òun lè wọn fíìmù tí wọ́n yà lórí fóònù tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Ẹ lè wọ̀n ọ́n. Bí àwòrán bá kéré, ọkàn àti àyà ló jọ kéré, ìdá wọn kò sì yí padà. Ọgbọ́n tó dára jù nínú ìdá yìí nìyẹn. Àfi tí ẹni tó ya fóònù náà bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí fíìmù wá fẹ̀ lápá kan tó sì fún lápá kejì. Irú ìyẹn, ẹ dá a padà kó tún un yà láti iwájú tààrà.

Ó yá, ẹ bá mi pa iná gbọ̀ngàn yìí.

[Wọ́n pa iná. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo gbé e jìnnà sí ògiri, mo sì na ọwọ́ kejì síwájú rẹ̀.]

Gbogbo wa la ti ṣe eré yìí nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ wo òjìji ọwọ́ mi. Bí mo bá fi ọwọ́ súnmọ́ ògiri, òjìji á kéré, etí rẹ̀ á sì mú. Bí mo bá fi ọwọ́ súnmọ́ tọ́ọ̀ṣì, ẹ wò ó bó ṣe ń di ọwọ́ òmìrán, tí etí rẹ̀ sì ń ṣú. Ọwọ́ mi kò wú o. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí mo bá fi ọwọ́ sílẹ̀ níbi tó wà, tí mo wá gbé tọ́ọ̀ṣì súnmọ́ tòsí, òjìji á tún tóbi. Fíìmù ẹ́kísíréè kò ju òjìji lọ. Tọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀rọ, ògiri ni pátákó tó ń gba àwòrán, ọwọ́ mi ni ọkàn. Ẹ tan iná.

Ọkàn súnmọ́ egungun àárín àyà ju ẹ̀yìn lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ya ẹ́kísíréè fi ń ní kí ẹ gbá àyà mọ́ pátákó, kí ìtànṣán gba ẹ̀yìn wọlé kó jáde níwájú. Ẹ̀yìn-sí-iwájú ni, PA ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí igun fíìmù. Ọkàn wà nítòsí ògiri, ẹ̀rọ sì jìnnà, 180 sẹ̀ǹtímítà. Òjìji tó sì jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọkàn fúnra rẹ̀ lọ. Lórí bẹ́ẹ̀dì, nǹkan yí padà. Pátákó wà lábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn, ẹ̀rọ wà lókè rẹ̀, ìtànṣán sì ń gba iwájú wọlé. AP nìyẹn. Ọkàn ti wá jìnnà sí pátákó, ẹ̀rọ sì ti súnmọ́ ọn, nǹkan bí 100 sẹ̀ǹtímítà, nítorí apá ẹ̀rọ alágbèéká kì í sábà lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun méjèèjì tó ń sọ òjìji di ńlá ti pàdé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ti ń dúró nìyẹn. Wọ́n á ní AP máa ń mú kí ọkàn tóbi, ó parí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí mo fi jókòó lọ́jọ́ kan tí mo ṣírò rẹ̀. Ó ṣe tán, kì í ṣe ọkàn nìkan ni òjìji rẹ̀ ń tóbi. Ti àyà náà ń tóbi. Ṣebí ìdá la ń wọ̀n?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti télọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọkàn rẹ̀ fẹ̀ tó 12.5 sẹ̀ǹtímítà, igbá àyà rẹ̀ 28. Kò sí òjìji ńbẹ̀, ọkàn gan-an àti àyà gan-an ni. Ìdá wọn jẹ́ 0.45. Àyà rẹ̀ nípọn tó 22 sẹ̀ǹtímítà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ibi tí ọkàn ti fẹ̀ jù wà ní 8 sẹ̀ǹtímítà sí iwájú, ibi tí igbá àyà ti fẹ̀ jù sì wà láàárín gbùngbùn, ní 11. Láti mọ bí òjìji ṣe tóbi tó, ẹ fi jíjìnnà ẹ̀rọ sí ọkàn pín jíjìnnà ẹ̀rọ sí pátákó.

Bó bá dúró, tó gbá àyà mọ́ pátákó, 180 tí a fi 172 pín ni ti ọkàn, òjìji rẹ̀ á jẹ́ 13.1. Ti àyà, 180 tí a fi 169 pín, á jẹ́ 29.8. Ìdá: 0.44. Ẹ rí i pé ó tilẹ̀ kéré díẹ̀ sí òtítọ́. Bó bá dùbúlẹ̀, tí a sì gbà pé ó mí dáadáa bí ti ìgbà tó dúró, ti ọkàn á jẹ́ 100 tí a fi 86 pín, òjìji rẹ̀ 14.5. Ti àyà, 100 tí a fi 89 pín, á jẹ́ 31.5. Ìdá: 0.46.

Láti 0.44 sí 0.46. Òjìji ọkàn fi sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ tóbi sí i, ṣùgbọ́n àyà bá a tóbi, ìdá kò wá yí padà ju bín-íńtín lọ. Bẹ́ẹ̀ 0.53 ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Níbo ni ìyókù ti wá?

Èémí ni.

Iṣan pẹlẹbẹ kan wà tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní iṣan ààlà. Orí rẹ̀ ni ọkàn jókòó lé, àpò tó yí ọkàn ká sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá mí kanlẹ̀, iṣan ààlà á wálẹ̀, á fa ọkàn wálẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ọkàn á sì gùn gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ tó rọ̀ lára igi. Nígbà tí ẹ bá mí jáde, iṣan ààlà á gòkè, ọkàn á dùbúlẹ̀ gbalaja lórí rẹ̀ bí ìbẹ́pẹ tí a gbé sórí tábìlì. Ìbẹ́pẹ kan náà ni. Bó ṣe rọ̀ àti bó ṣe dùbúlẹ̀ ló yàtọ̀. Lákòókò kan náà, egungun ìhà máa ń wálẹ̀ nígbà tí a bá mí jáde, àyà á sì fún. Ẹ rí i pé èémí kò ṣe bíi jíjìnnà ẹ̀rọ. Jíjìnnà ẹ̀rọ ń mú ọkàn àti àyà tóbi pọ̀, ṣùgbọ́n èémí ń mú ọkàn fẹ̀, ó sì ń mú àyà fún. Lójú ìdá, àtìsàlẹ̀ àtòkè ló ti ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé télọ̀ kò mí wọlé tó, ọkàn rẹ̀ wá fẹ̀ di 13.8 dípò 12.5, àyà rẹ̀ sì fún di 27. Bó bá tilẹ̀ dúró dáadáa, tó gbá àyà mọ́ pátákó, ìdá rẹ̀ á ti di 0.50. Bó bá wá dùbúlẹ̀ pẹ̀lú èémí kúkúrú yẹn, á di 0.53. Mo ṣe ìṣirò yìí kí n tó padà lọ wo fíìmù rẹ̀ kìíní, ohun tí mo sì fi rúlà wọ̀n lórí rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ọmọ tó rí owó he.

Dídùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ sì tún ń dá kún ọ̀rọ̀ èémí. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀, ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti iṣan ààlà sókè, kò sì ní lè mí wọlé tó bó ṣe lè mí nígbà tó bá dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà lẹ́sẹ̀ á padà sínú àyà, ọkàn á kún sí i. Ẹ fi ibà àti ikọ́ kún un, ta ni ẹ fẹ́ ní kó fa èémí kanlẹ̀ kó sì dá a dúró? Aboyún tí oyún rẹ̀ ti ga, ẹni tí omi kún inú rẹ̀, ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi, gbogbo wọn ni ikùn ń ti iṣan ààlà wọn sókè, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ wà lórí ìdúró.

Báwo la ṣe máa mọ̀ láti ara fíìmù pé ẹni yìí kò mí wọlé tó? A ó ka egungun ìhà. Lápá ọ̀tún aláìsàn, ẹ tọpa àwọn egungun ìhà ti ẹ̀yìn, àwọn tó jáde lára ọ̀pá ẹ̀yìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ti iwájú ló ń dà sísàlẹ̀ bọ̀ sí àárín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, níbi tí èkíní ti kéré tó sì tẹ̀ bí òrùka. Ẹ máa kà wálẹ̀ dé ibi tí ẹ̀dọ̀fóró parí sí. Ẹni tó mí dáadáa, ẹ ó rí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lórí iṣan ààlà. Fíìmù kìíní télọ̀, méje ni. Kí n tó mú rúlà rárá ni ọ̀rọ̀ ti tán: fíìmù tó ní egungun ìhà méje kò lè sọ bí ọkàn ṣe tóbi tó. Fíìmù kejì, mẹ́wàá.

Iṣẹ́ ẹni tó ń ya ẹ́kísíréè ló wọ̀ mí lára jù níbi yìí. Á ké pé, "Ẹ mí kanlẹ̀! Ẹ dì í mú! Ẹ má mí o!" Bàbá àgbà á gbé èjìká sókè, á fa ikùn wọlé bí ọmọ ogun níwájú ọ̀gágun, yóò sì gbàgbé láti mí. Ìyá á mí wọlé dáadáa, kó tó di pé ẹ̀rọ dún á ti mí jáde tán, á tún bi wá pé, "Ṣé ó ti tó?" Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi dánra wò lẹ́ẹ̀kan, kí n wo bí àyà wọn ṣe gbéra, ká tó wá yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì gba ènìyàn lọ́wọ́ fíìmù ìkejì.

Ohun kan tún wà tí n kò ní dúró lórí rẹ̀. Bí aláìsàn bá yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, òjìji ọkàn á yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo egungun méjì tó wà lábẹ́ ọrùn, èyí tó na apá kan sí èjìká kọ̀ọ̀kan. Orí wọn tó wà nítòsí àárín gbọ́dọ̀ jìnnà bákan náà sí ìlà ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá súnmọ́ ọn ju èkejì lọ, ó ti yí nìyẹn.

Nísinsìnyí, nọ́ọ̀sì kan níwájú mi ní, "Dókítà, ṣé fíìmù orí bẹ́ẹ̀dì kò wúlò fún ọ̀rọ̀ ọkàn nìyẹn?" Ó wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ló ti wúlò. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀, ìhà kan náà ni wọ́n ń ti ìdá sí, ìyẹn òkè. Nítorí náà, bí fíìmù orí bẹ́ẹ̀dì bá ní ìdá ọkàn jẹ́ 0.46, ẹ gbà á gbọ́. Kò sí ohun tó fi lè kéré bẹ́ẹ̀ bí ọkàn náà bá tóbi gidi, àfi ti ẹ̀dọ̀fóró kan tí n ó sọ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní 0.53, ẹ kò tíì mọ ohunkóhun. Àwọn kan ń fi 0.55 ṣe ààlà fún AP. Èmi kì í lo ìyẹn, nítorí kò mọ egungun ìhà méje yàtọ̀ sí mẹ́wàá. Lórí fíìmù orí bẹ́ẹ̀dì, n kì í kọ ìdá sínú ìwé rárá. Mo máa ń kọ ọ́ pé a kò lè wọn ọkàn níbí, kí wọ́n tún un yà lórí ìdúró nígbà tó bá lè dúró. Bí ẹni tó kọ ìwé àbájáde télọ̀ bá ti kọ bẹ́ẹ̀, iyọ̀ ì bá ṣì wà nínú ọbẹ̀.

Ẹnìkan tún béèrè bóyá 0.50 yìí bá àwa adúláwọ̀ mu. Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Àwọn ìwé kan fún wa ní ààyè tó ga díẹ̀, tó fi dé 0.55, àti fún àwọn àgbàlagbà náà. Ohun tí mo lè sọ fún yín pẹ̀lú ìdánilójú ni pé 0.50 kì í ṣe ògiri. Lórí àyà tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, 0.01 kò ju mílímítà mẹ́ta lọ. Ìlù ọkàn nìkan lè yí etí òjìji padà ní mílímítà díẹ̀, bóyá fíìmù bá a nígbà tó kún ni o, tàbí nígbà tó fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá fi 0.51 dẹ́rù ba ènìyàn, mílímítà mẹ́ta ló fi ń dẹ́rù bà á. Ti ọmọ tuntun tilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: ìdá rẹ̀ lè tó 0.60 láìsí àìsàn, ẹkún rẹ̀ sì ni èémí tó wà lórí fíìmù.

Mo ní n ó sọ ti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ti fa sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti wú fún afẹ́fẹ́ tí kò lè jáde, iṣan ààlà rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọkàn rẹ̀ á tín-ín-rín, á gùn, bí ìbẹ́pẹ tí kò kúrò lára igi. Ọkàn tó ń ṣàìsàn lè fara pa mọ́ sínú irú àyà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdá 0.42.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń fi ara rẹ̀ pa mọ́ lọ́nà tirẹ̀. Mo ya ìyá kan tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, PA, egungun ìhà mẹ́wàá, kò yí sí ẹ̀gbẹ́, 0.47. Ó yọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìró ya ọkàn rẹ̀, àyẹ̀wò tí à ń pè ní ẹ́kò, ògiri ọkàn rẹ̀ nípọn tó 1.5 sẹ̀ǹtímítà, bẹ́ẹ̀ ti obìnrin kì í sábà ju 0.9 lọ. Inú ló nípọn sí, kì í ṣe òde. Òjìji kò lè fi ìnípọn inú hàn. Bí omi bá sì kó sínú àpò tó yí ọkàn ká, òjìji á fẹ̀ bí ìkòkò, nígbà tí ọkàn tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ kékeré. Òde nìkan ni òjìji mọ̀.

Ibi tí ìdá yìí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni bí a bá fi ẹni kan wé ara rẹ̀. Obìnrin kan tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè dùbúlẹ̀ sùn, ìdá rẹ̀ jẹ́ 0.62. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó ti ń lo oògùn, 0.54. Fíìmù méjèèjì jẹ́ PA, méjèèjì ní egungun ìhà mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Irú ìyàtọ̀ yẹn, lórí àyà 27 sẹ̀ǹtímítà, ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ mílímítà.

Ó yá, àpòòwé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá, kó bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

[Nọ́ọ̀sì kan láti ìjókòó ẹ̀yìn gbé fíìmù ìyá àbúrò rẹ̀ wá. Mo fi í sójú iná, mo sì ní kí gbogbo wọn bá mi kà.]

Igun òkè: PA. Ó dúró. Orí egungun méjì lábẹ́ ọrùn, dọ́gbadọ́gba sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ ka ìhà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín. Ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta... mẹ́wàá. Wọ́n yà á dáadáa. Bó bá ṣe wí, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ fún mi ní rúlà. Ọ̀tún, 5.0. Òsì, 12.1. Àyà, etí inú dé etí inú, 28.0. Ta ló ní ẹ̀rọ ìṣirò?

0.61.

Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹsẹ̀ màmá máa ń wú lálẹ́? Ìrọ̀rí mélòó ni wọ́n fi ń sùn? Mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá láìṣe ẹ́kò fún wọn. Ẹ padà wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà, n ó kọ lẹ́tà tí ẹ ó mú lọ.